Kọ́sọ̀ tí ó ń fò nígbà tí a bá ń tẹ̀wé: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí tọ́ṣípáàdì laptọ́ọ̀pù

Ní Ilé-Ifẹ̀, pàápàá ní Lágéré àti ní àyíká ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àwọn tí ó ń tẹ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ fún akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé kọ̀ǹpútà àgbélétan wá sí ọ̀dọ̀ àwa tí a ń tún kọ̀ǹpútà ṣe pẹ̀lú ẹ̀sùn kan náà. Wọn yóò ní àwọn ń tẹ ìwé lọ ní ìsàlẹ̀ ojú ewé, àfi bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àárín gbólóhùn tí àwọn ti kọ tán lókè. Àwọn kan ti rò pé kòkòrò kọ̀ǹpútà ni, àwọn mìíràn sì ti san owó kííbọ́ọ̀dù tuntun. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá ni mo kó jọ síhìn-ín, mo sì dá wọn lóhùn bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn lórí tábìlì iṣẹ́.

Kí ni ó ń fò gan-an?

Ohun méjì ni ó wà lójú kọ̀ǹpútà tí àwa ènìyàn máa ń pè ní kọ́sọ̀, bí a kò bá sì yà wọ́n sọ́tọ̀, a kò ní rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni ọfà, èyí tí ó ń tẹ̀ lé ìka wa káàkiri, tí ó sì máa ń di ọ̀pá tín-ín-rín nígbà tí ó bá dé orí ọ̀rọ̀. Èkejì ni ìlà òòró kékeré tí ó ń ṣẹ́jú níbi tí lẹ́tà tí ó kàn yóò bọ́ sí. Nínú ìdáhùn wọ̀nyí, ọfà ni n óò máa pe èkíní, kọ́sọ̀ ni n óò sì máa pe èkejì.

Ọfà lè rìn yí gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ká kí kọ́sọ̀ má mira rárá. Ohun tí ó ń gbé kọ́sọ̀ kúrò ní àyè rẹ̀ ni kílíìkì: bí ọfà bá wà lórí ọ̀rọ̀ kan tí a sì ṣe kílíìkì, kọ́sọ̀ yóò fi ibi tí ó wà sílẹ̀, yóò lọ bá ọfà níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí kọ́sọ̀ bá fò, ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa ni pé, ta ni ó ṣe kílíìkì?

Báwo ni páàdì ṣe ń mọ̀ pé ọwọ́ wà lórí òun?

Lábẹ́ ojú tọ́ṣípáàdì, ìyẹn páàdì pẹrẹsẹ tí ó wà níwájú kííbọ́ọ̀dù tí a fi ń gbé ọfà, ni àwọn ọ̀nà irin tẹ́ẹ́rẹ́ wà, tí a tò ní ìbú àti ní òòró bí ojú àwọ̀n ẹja. Iná mànàmáná díẹ̀ ń gba inú wọn kọjá. Ara ènìyàn máa ń gba iná, nítorí náà nígbà tí ìka bá sún mọ́ ibì kan lórí àwọ̀n náà, iná tí ó wà níbẹ̀ yóò yí padà díẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí ó wà nídìí páàdì ń wọn ìyípadà yìí lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ń ṣírò ibi tí àárín gbùngbùn ìka wà, ó sì ń sọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà.

Ohun méjì ni ó yẹ kí ẹ mú nínú àlàyé yìí. Páàdì kò nílò kí a tẹ̀ ẹ́ kí ó tó mọ̀ wá lára. Fífara kàn án tó. Èkejì ni pé àwọ̀ ara ni ó ń mọ̀, kò sì bìkítà bóyá ti orí ìka ni tàbí ti ìdí àtàǹpàkò. Ìdí nìyí tí ìdérí báírò kò fi lè gbé ọfà, ṣùgbọ́n tí ẹran ìdí àtàǹpàkò, tí ẹni tí ó ń tẹ̀wé kò tilẹ̀ fura pé ó kan nǹkan, lè gbé e.

Àwọn ìṣesí ọwọ́ wo ni páàdì mọ̀?

Iye ìka, bí wọ́n ṣe rìn, àti bí wọ́n ṣe pẹ́ tó lórí páàdì ni kọ̀ǹpútà ń lò láti mọ ohun tí a ń bèèrè. Ìka kan tí ó ń rìn ń gbé ọfà. Ìka méjì tí ó ń lọ sókè sódò ń yí ojú ewé, bí méjèèjì bá sì ń fà jìnnà síra wọn, ìwé yóò máa tóbi sí i lójú. Lórí Windows, bí a bá fi ìka mẹ́ta gbá páàdì sókè, gbogbo fèrèsé tí ó ṣí sílẹ̀ ni yóò tò jáde; bí a bá gbá a sódò, gbogbo wọn yóò wọlẹ̀.

Èyí tí ó kàn wá jù ni kíkàn fẹ́rẹ́. Bí ìka bá balẹ̀ tí ó sì gbéra ní kíá, láìrìn kúrò ní ojú kan, kọ̀ǹpútà yóò kà á sí kílíìkì. Ìka méjì tí ó kan páàdì fẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà jẹ́ kílíìkì apá ọ̀tún, èyí tí ó máa ń mú àkójọ àṣẹ jáde. Bí ìka bá kàn án fẹ́rẹ́, tí ó tún balẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lójú ẹsẹ̀ tí ó sì ń wọ́ lọ, yóò máa kun ọ̀rọ̀ láwọ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ gé e. Ẹ fi ìkẹyìn yìí sọ́kàn, nítorí òun ni ó ń pa odidi gbólóhùn rẹ́.

Kílíìkì mìíràn ṣì wà tí ó yàtọ̀ sí gbogbo èyí, ìyẹn títẹ apá ìsàlẹ̀ páàdì mọ́lẹ̀ títí a ó fi gbọ́ ìró rẹ̀. Òun ní tirẹ̀ nílò agbára ọwọ́, kì í sì í ṣèèṣì ṣẹlẹ̀.

Kí ló wá ń mú kọ́sọ̀ fò?

Bí a bá ń tẹ̀wé, àtẹ́lẹwọ́ wa máa ń sinmi sí ẹ̀gbẹ́ páàdì, àtàǹpàkò méjèèjì sì máa ń rá bàbà lókè rẹ̀ lórí bọ́tìnnì àlàfo. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìdí àtàǹpàkò yóò fara kan páàdì, yóò sì gbéra. Kọ̀ǹpútà rí ohun tí ó balẹ̀ tí ó sì gbéra ní kíá, ó kà á sí kílíìkì, ó sì gbé kọ́sọ̀ lọ sí ibi tí ọfà wà. Ọwọ́ wa kò dúró, nítorí náà lẹ́tà tí ó kàn ti bọ́ síbẹ̀ kí ojú tó rí i.

Ohun kan ni ó ń fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Windows ní ètò kan tí ó máa ń fi ọfà pamọ́ nígbà tí a bá ń tẹ̀wé kí ó má baà dí wa lójú. Ọfà wà níbẹ̀, ní àárín ìpínrọ̀ kejì níbi tí a fi í sí nígbà tí a ń ka ìwé náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n a kò rí i. Ìdí nìyí tí ó fi dà bí ẹni pé kọ́sọ̀ kàn yan ibi tí ó wù ú.

Ṣé kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé mo ń tẹ̀wé lọ́wọ́ ni?

Ó mọ̀, dé ìwọ̀n àyè kan. Àwọn kọ̀ǹpútà òde òní máa ń wo bí ohun tí ó kan páàdì ṣe fẹ̀ tó. Bí ó bá fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, wọn yóò pa á tì. Wọ́n tún máa ń di páàdì fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá tẹ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n etí àtẹ́lẹwọ́ tí ó kan páàdì díẹ̀ lè má fẹ̀ ju orí ìka lọ. Ìgbà díẹ̀ tí mo sọ yìí náà kò sì gùn: lórí Ubuntu, ètò tí àwọn kan ń lò dípò Windows, nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ni lẹ́yìn lẹ́tà tí a tẹ̀ kẹ́yìn. Ẹni tí ó bá dúró láti wo ìwé tí a fi ọwọ́ kọ kí ó tó tẹ ọ̀rọ̀ tí ó kàn ti kọjá àkókò náà, páàdì sì ti ṣí padà.

Ó yẹ kí n sọ ti àwa tí a ń tẹ Yorùbá lọ́tọ̀, nítorí ó dá mi lójú pé ó ń kàn wá ju ẹni tí ó ń tẹ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ètò kííbọ́ọ̀dù tí a fi ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ń lo bọ́tìnnì `Alt` apá ọ̀tún. Bọ́tìnnì yẹn wà ní ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá páàdì. Láti tẹ̀ ẹ́, àtàǹpàkò ọ̀tún gbọ́dọ̀ ká wọlé, bí ó bá sì ti ká, ìdí rẹ̀ yóò tẹ̀ sí orí páàdì. Lórí Ubuntu, bọ́tìnnì bí `Ctrl`, `Shift` àti `Alt` kì í di páàdì pa bí lẹ́tà ṣe ń ṣe, nítorí pé àwọn kan máa ń dì wọ́n mú kí wọ́n sì ṣe kílíìkì pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá ń wá àmì fún «ọ̀» tàbí «ẹ́», tí ó ń dúró láàárín lẹ́tà méjì, ti ṣe gbogbo ohun tí ó lè jẹ́ kí kọ́sọ̀ fò láìmọ̀.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ dájú pé páàdì ni, kì í ṣe kííbọ́ọ̀dù?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá kan tí ó ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Lágéré. Orí kẹta iṣẹ́ àpilẹ̀kọ kan lórí oríkì ni ó ń tẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, «Ẹ̀gbọ́n, mi ò fọwọ́ kan ibẹ̀ rárá o, òun fúnra rẹ̀ ló fò lọ.» Àwọn kan ti sọ fún ìyá yìí níbòmíràn pé kí ó pààrọ̀ kííbọ́ọ̀dù. Mo ní kí ìyá jókòó bí wọ́n ṣe máa ń jókòó níṣọ́ọ̀bù wọn, kí wọ́n sì ṣí ìwé tuntun.

Mo tẹ ìlà mẹ́wàá síbẹ̀, mo kọ ọ̀rọ̀ kan ní lẹ́tà ńlá sí àárín wọn, ÒRÌṢÀ, mo sì gbé ọfà lé e lórí. Lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n lọ sí ìparí ìwé pẹ̀lú `Ctrl` àti `End`, kí wọ́n sì máa tẹ ohun tí ó wà nínú ìwé wọn lọ. Ní ìlà kẹrin, lẹ́tà mẹ́ta wọ inú ọ̀rọ̀ ńlá náà. Ibi tí mo fi ọfà sí gan-an ni kọ́sọ̀ lọ, èyí tí ó fi hàn pé kílíìkì ni, kííbọ́ọ̀dù kò sì lè ṣe kílíìkì. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá ti wọ́ ọfà díẹ̀ kí ó tó ṣe kílíìkì, ó lè jẹ́ ìlà tí ó wà lókè tàbí nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni kọ́sọ̀ yóò lọ. Kí ẹ kàn mi ọfà jẹ́ẹ́ kí ó lè yọjú, ẹ ó sì rí i pé ibi kan náà ni àwọn méjèèjì wà.

Láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, mo ṣẹ́ páálí fún un. Mo gé páálí gbígbẹ láti ara àpótí, mo ṣẹ́ ẹ po kí ó nípọn, mo sì fi tééèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí páàdì. Páálí tí ó nípọn kì í jẹ́ kí àwọ̀n ìsàlẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bébà kan ṣoṣo kò tó. Ìyá tẹ odidi ojú ewé kan àti ààbọ̀ láìsí pé kọ́sọ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. A yọ páálí, ó sì fò kí wọ́n tó tẹ ìpínrọ̀ kan tán. Wọn kò ra kííbọ́ọ̀dù kankan.

Kí ni mo máa ṣe lórí Windows?

Ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, ẹ tẹ `R`, kí ẹ kọ èyí sínú àpótí tí ó bá jáde, kí ẹ sì tẹ `Enter`:

```
ms-settings:devices-touchpad
```

Yóò gbé yín lọ tààrà sí ojú ewé `Touchpad`. Lábẹ́ `Taps`, ẹ wá `Tap with a single finger to single-click`, kí ẹ sì yọ àmì tí ó wà níwájú rẹ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, kíkàn fẹ́rẹ́ kò ní jẹ́ kílíìkì mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe kílíìkì, ẹ ó tẹ apá ìsàlẹ̀ páàdì mọ́lẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ ìró. Ọfà ṣì lè mì nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ bá kan páàdì, ṣùgbọ́n kò ní gbé kọ́sọ̀ lọ mọ́.

Ní tèmi, èyí ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣe fún ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwé títẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn ń fi sí ipò àkọ́kọ́ ni kí wọ́n dín agbára ìmọ̀lára páàdì kù, àmọ́ ìyẹn kàn ń dín iye ìgbà tí kọ́sọ̀ ń fò kù ni, kò mú un kúrò.

Bí ẹ kò bá rí `Taps` lójú ewé náà, ó ṣeé ṣe kí páàdì yín jẹ́ irú ti àtijọ́. Ẹ kọ `main.cpl` sínú àpótí kan náà, kí ẹ sì wo abala tí ó wà ní ìparí fèrèsé tí yóò ṣí. Ibẹ̀ ni ẹni tí ó ṣe páàdì máa ń fi ètò tirẹ̀ sí. Lórí àwọn tí ó jẹ́ ti Synaptics, ẹ wá `PalmCheck`, kí ẹ sì sún un sí ibi tí ó ti le jù.

Ó ti mọ́ mi lára láti máa kan páàdì fẹ́rẹ́. Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn?

Ó wà. Lójú ewé kan náà, `Touchpad sensitivity` ní ìpele mẹ́rin. Ẹ yàn `Low sensitivity`, kí ẹ sì lò ó fún ọjọ́ kan. Bí ó bá ṣì ń fò, tí ẹ sì ní máòsì, ẹ yọ àmì kúrò níwájú `Leave touchpad on when a mouse is connected`. Nígbà tí máòsì bá wà lára kọ̀ǹpútà, páàdì yóò kú. Bí ẹ bá yọ ọ́, yóò jí. Fún ẹni tí ó ń tẹ̀wé lórí tábìlì lójoojúmọ́, èyí dára púpọ̀. Fún ẹni tí ó ń gbé laptọ́ọ̀pù lé itan nínú yàrá ìkàwé, kò rọrùn.

Ubuntu ni mo ń lò ńkọ́?

Ẹ ṣí `Terminal`, kí ẹ kọ ìlà méjì yìí:

```
gsettings set org.gnome.desktop.peripherals.touchpad disable-while-typing true
gsettings set org.gnome.desktop.peripherals.touchpad tap-to-click false
```

Ti àkọ́kọ́ ń rí i dájú pé páàdì ń dì nígbà tí ẹ bá ń tẹ lẹ́tà, ti èkejì sì ń pa kílíìkì kíkàn fẹ́rẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó padà, ẹ kọ `true` dípò `false`.

Odidi ìpínrọ̀ kan pòórá. Ṣé páàdì náà ni?

Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun. Nígbà tí àtàǹpàkò bá kan páàdì lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra tí ó sì wọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò kun láwọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti kun láwọ̀, lẹ́tà èyíkéyìí tí a bá tẹ̀ yóò gba ipò gbogbo rẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ ohunkóhun mọ́. Ẹ di `Ctrl` mú kí ẹ tẹ `Z`, kí ẹ sì máa tún un tẹ̀ títí ìpínrọ̀ náà yóò fi padà. Ohun tí ó ń ba iṣẹ́ jẹ́ níbẹ̀ ni kí ènìyàn má tètè rí i, kí ó pa ìwé náà mọ́, kí ó sì tì í. Lẹ́yìn ìyẹn, `Ctrl` àti `Z` kò ní rántí mọ́.

Ọwọ́ mi kò sí lórí kọ̀ǹpútà rárá, síbẹ̀ ọfà ń rìn.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtẹ́lẹwọ́ mọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ gbígbẹ nu páàdì, nítorí òógùn, omi tàbí epo oúnjẹ lè dà bí ìka lójú àwọ̀n ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ṣájà kúrò kí ẹ sì máa lo bátìrì nìkan. Bí ọfà bá dákẹ́ nígbà tí ẹ yọ ṣájà, tí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ fi í padà, ariwo iná láti inú ṣájà ni ó ń da ìṣírò páàdì rú. Mo máa ń rí i lára ṣájà tí kì í ṣe ojúlówó, àti nínú ilé tí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ní wáyà áàtì. Àmì mìíràn tí ó máa ń bá a rìn ni pé ara irin kọ̀ǹpútà yóò máa ta ọwọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ bá fi ìka ra á. Ẹ yá ṣájà ojúlówó tí iye fóòtì rẹ̀ bá ti tiyín mu, kí ẹ fi dán an wò kí ẹ tó náwó.

Bí ọfà bá dúró jẹ́ẹ́ ṣùgbọ́n tí kọ́sọ̀ ń rìn lọ sí apá kan ṣáá, tàbí tí ó ń sáré lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, ìgbà yẹn ni ẹ lè fura sí kííbọ́ọ̀dù: bọ́tìnnì ọfà tàbí `Home` ti lè há.

Páàdì mi ti ga sókè ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì le láti tẹ̀.

Ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ sì yọ ṣájà nísinsìnyí. Lára ọ̀pọ̀ laptọ́ọ̀pù, abẹ́ páàdì gan-an ni bátìrì wà, bí ó bá sì wú, yóò ti páàdì láti ìsàlẹ̀. Páàdì tí a ń tì láti ìsàlẹ̀ lè máa ṣe kílíìkì fúnra rẹ̀, tàbí kí ó má lè ṣe é rárá, kò sì sí ètò tí ẹ lè yí padà tí yóò tún un ṣe. Bí ẹ bá gbé kọ̀ǹpútà náà lé orí tábìlì pẹrẹsẹ, ẹ ó rí i pé ó ń mì, tàbí pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti là. Ẹ má ṣe tẹ páàdì náà padà sí àyè rẹ̀, ẹ má sì gún bátìrì láti tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, nítorí ó lè gbiná. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tí ó ń tún un ṣe láìtan án, kí ẹ sì sọ fún un kí ó tó ṣí i pé bátìrì ni ẹ fura sí.